Lẹ́tà Aláìsàn sí Olùkọ́: Ẹ̀rí Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Oòduà tí a jọ wà ní Ẹnúgu, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó lè dá ènìyàn dúró sí ilé-ìwé fún odidi ọdún kan. Ọ̀rọ̀ náà ni lẹ́tà ímeèlì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sí olùkọ́ rẹ̀ láti tọrọ àfikún ọjọ́, nígbà tí àìsàn kò bá jẹ́ kí ó parí prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí gbèdéke tó pé.

A mọ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe é. Bí ibà bá dá wa dùbúlẹ̀, a óò dákẹ́ títí ara yóò fi yá. Gbèdéke yóò kọjá lórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni a óò wá lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, a óò sì máa wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ara mi ni kò yá.” Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn, ẹ̀kọ́ náà kò sì burú. Olùkọ́ mìíràn tilẹ̀ lè ṣàánú wa lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n àánú kò ní déètì lára. Olùkọ́ tó gba iṣẹ́ wa lẹ́yìn gbèdéke kì í ṣe ọba. Òun náà ní ẹni tí yóò jíhìn fún. Bí ọjọ́ bá tó tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yóò kó máàkì jọ, olórí ẹ̀ka lè bi í pé, kí ló dé tí iṣẹ́ ẹni kan fi pẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ? Ìdọ̀bálẹ̀ wa kò lè bá a dáhùn níbẹ̀. Lẹ́tà tó ní ọjọ́ àti aago lórí, tó sì ní ìwé dókítà lẹ́yìn, ni yóò lè nà jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé lẹ́tà aláìsàn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rí ni, tí a ń fi lé olùkọ́ lọ́wọ́ kí ó lè rí ohun gbèjà wa.

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa. Ọmọbìnrin kan wà ní ọdún ìkẹyìn. Ó gbọ́dọ̀ fi orí kẹrin prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó ń bójú tó o ní ọjọ́ Ẹtì, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ó ti gba gbogbo fọ́ọ̀mù ìbéèrè 60 tó pín padà, ó sì ti kọ apá méjì nínú mẹ́rin. Ètò rẹ̀ ni pé òun yóò fi ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ parí apá méjì tó kù. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ, òtútù sì ń mú un. Ní ọjọ́ Ajé ó lọ sí kílíníìkì ilé-ìwé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí ibà, wọ́n fún un ní oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, dókítà sì kọ ọ́ sí ìwé pé kí ó sinmi títí di Ọjọ́bọ̀.

Ìgbà wo ni kí ó kọ lẹ́tà? Ọjọ́ Ajé yìí gan-an ni, bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ibà kò fọ́ ojú rẹ̀ débi tí kò fi ní rí i pé ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀. Lẹ́tà tó dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń tọrọ ohun tí olùkọ́ ṣì lè fún un. Èyí tó dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ń ròyìn ohun tó ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ inú méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan náà láìyí ẹyọ kan padà, ọjọ́ tí wọ́n dé ló sọ wọ́n di ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ mélòó ni kí ó tọrọ? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Àwọn kan á kọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní àsìkò díẹ̀ sí i.” Olùkọ́ kò mọ ohun tí “díẹ̀” jẹ́, yóò sì di dandan fún un láti máa ronú lórí ohun tó yẹ kí a ti rò fún un. Àwọn mìíràn á tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ibà tí oògùn rẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta. Olùkọ́ náà ti ṣe ibà rí, ó mọ iye ọjọ́ tó máa ń gbà. Ìṣirò tó tọ́ rọrùn: iye ọjọ́ iṣẹ́ tí àìsàn gbà ni iye ọjọ́ iṣẹ́ tí a óò tọrọ. Àìsàn gba Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí, ọjọ́ mẹ́rin. Bí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, yóò lo Ẹtì, Àbámẹ́ta, Ajé àti Ìṣẹ́gun, yóò sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ní Ọjọ́rú. Nítorí náà, Ọjọ́rú, aago 12 ọ̀sán, ni kí ó kọ sínú lẹ́tà. Ẹni tó bá ka ìṣirò yẹn yóò mọ̀ pé kò fi ibà ra ìsinmi.

Ó wá ku kíkọ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n a óò gbé e kalẹ̀ ní Yorùbá kí ẹ lè rí egungun rẹ̀. Ní àyè tí wọ́n kọ `Subject` sí, yóò kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, àti pé àfikún ọjọ́ fún orí kẹrin ni òun ń tọrọ. Kó má kọ “Ẹ jọ̀ọ́, kánjúkánjú” síbẹ̀, nítorí olùkọ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ kò ní mọ ta ni ń kánjú. Lẹ́tà náà yóò wá lọ báyìí:

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn tí ẹ ń bójú tó prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí ọjà títà ní Ọgbẹtẹ. Orí kẹrin mi yẹ kó dé ọwọ́ yín ní ọjọ́ Ẹtì yìí, aago 4. Ibà mú mi ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo lọ sí kílíníìkì ilé-ìwé ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sì ní kí n sinmi títí di Ọjọ́bọ̀. Mo ti so ìwé dókítà mọ́ lẹ́tà yìí. Apá méjì àkọ́kọ́ ti parí, mo so wọ́n mọ́ ọn pẹ̀lú. Ìtúpalẹ̀ àwọn fọ́ọ̀mù àti ìjíròrò ló kù. Mo ń tọrọ pé kí ẹ gbà mí láàyè láti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago 12 ọ̀sán. Bí ọjọ́ yẹn kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ ọjọ́ tó bá bọ́ sí i. Mo dúpẹ́.” Lẹ́yìn èyí ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Ẹ wò ó, lẹ́tà náà kò kún ojú ewé kan. Kò sí ìtàn èébì níbẹ̀, kò sí ti ìgbẹ́ gbuuru. Orúkọ àìsàn àti ọjọ́ rẹ̀ tó. Bí àìsàn náà bá jẹ́ èyí tí ènìyàn kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀, kò pọn dandan kí ó dárúkọ rẹ̀ rárá. Ó lè kọ pé òun ń gba ìtọ́jú ní kílíníìkì, kí ìwé dókítà sì sọ iye ọjọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́. Ohun tí olùkọ́ nílò ni ọjọ́, kì í ṣe àṣírí.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ ìdajì tí ọmọbìnrin náà so mọ́ lẹ́tà, nítorí òun ni àwa rò pé ó lágbára jù níbẹ̀. Ohun tí olùkọ́ máa ń fura sí kì í sábà jẹ́ pé a kò ṣàìsàn. Ohun tó ń fura sí ni pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà rárá, tí àìsàn sì wá di aṣọ tí a fi bo ọ̀lẹ. Fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ `Chapter4_draft.docx`, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì, bó tilẹ̀ ní àṣìṣe, ń pa ìfura yẹn lẹ́nu mọ́ ju ìbúra mẹ́wàá lọ. Kí a kàn kọ ọ́ kedere pé kò tíì parí, kí olùkọ́ má baà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní máàkì.

Ọ̀rọ̀ ìwé dókítà náà nílò àlàyé. Ìwé tó wúlò gbọ́dọ̀ ní orúkọ wa, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ wá wò, ọjọ́ tí a kò lè ṣiṣẹ́ láti ìgbà báyìí dé ìgbà báyìí, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú wa ni pé kẹ́mísì ní Ogui la ti ń ra oògùn, tàbí kí ìyá wa fi àgbo ibà ránṣẹ́ sí wa nínú ọkọ̀ láti ilé. A kò bá àgbo jà, ṣùgbọ́n àgbo kì í fúnni ní ìwé. Ẹni tó bá mọ̀ pé gbèdéke ń bọ̀, kó kọ́kọ́ gba kílíníìkì kọjá, kó tó mu ohun tó bá fẹ́ mu. Bí ó bá sì jẹ́ pé kẹ́mísì nìkan ló lọ, kó sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bọpo bọyọ̀, kó fi rìsíìtì àti èsì àyẹ̀wò hàn bó bá ní. Olùkọ́ lè gbà á, ó sì lè má gbà á, ṣùgbọ́n kò ní ká a mọ́ irọ́.

Nítorí irọ́ yìí ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún gbogbo wa. Gbogbo lẹ́tà ló ń jẹ́ “màlèríà àti táífọ́ìdì.” Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìṣègùn mọ̀ pé àyẹ̀wò Widal tí wọ́n máa ń fi sọ pé ènìyàn ní táífọ́ìdì kò ṣeé gbára lé bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, torí ó lè wí pé àrùn wà níbi tí kò sí. Olùkọ́ tó ti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà kò ní gba tiwa gbọ́ kíákíá mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Èyí tó burú jù ni ìwé dókítà tí a rà. Kílíníìkì ní ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n tọ́jú, nọ́ńbà káàdì sì wà níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi fóònù béèrè, ọ̀rọ̀ kúrò ní gbèdéke, ó di ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ oníbàáwí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ prójẹ́ẹ̀tì kì í tó ogún ọjọ́.

Ìṣòro mìíràn wà tó jẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá. Nínú èdè wa, “ẹ” ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ọ̀wọ̀ sì ti wà nínú gbólóhùn kí a tó sọ ohun mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ẹ.” Nítorí náà, ọkàn wa kì í balẹ̀, a óò bẹ̀rẹ̀ sí í fi “sà” kún ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, a óò kí olùkọ́, a óò kí ìdílé rẹ̀, a óò gbàdúrà fún un, ohun tí a wá tọrọ yóò sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Olùkọ́ wa ní Ẹnúgu, tó ṣeé ṣe kó má gbọ́ Yorùbá rárá, kò mọ̀ pé “ẹ” la ń wá kiri. Lójú rẹ̀, ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ po ni. Ọ̀wọ̀ nínú irú lẹ́tà yìí ni kí a pe oyè rẹ̀ bó ti rí, kí a má pe Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni, kí a kọ orúkọ rẹ̀ láìsí àṣìṣe, kí a má sì fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Kí a sì ṣọ́ra fún “Ẹ bá mi ṣe é, n kò ní gbàgbé yín.” Ọpẹ́ lásán ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè dún bí ẹni ń ṣèlérí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bí a bá ti tẹ lẹ́tà náà tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí dátà bá tán lórí fóònù, lẹ́tà lè jókòó sínú `Outbox` fún ọjọ́ méjì, kí a sì rò pé ó ti lọ. Inú `Sent` ni kí a ti wò ó. Bí àdírẹ́sì bá ní àṣìṣe, èsì kan sábà máa ń padà wá láti ọ̀dọ̀ `Mail Delivery Subsystem`. Kí a má pa á rẹ́ láìkà á. Bí olùkọ́ kò bá fèsì láàárín ọjọ́ méjì, kí a má kọ lẹ́tà tuntun. Orí ti àkọ́kọ́ ni kí a ti tẹ `Reply`, kí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ lè hàn nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí a mú ẹ̀dà méjì lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka, kí akọ̀wé gba ọ̀kan, kí ó sì fi òǹtẹ̀ àti déètì sí èkejì fún wa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì í ka ímeèlì lójoojúmọ́, ìwé olóǹtẹ̀ sì ni èdè tí ọ́fíìsì Nàìjíríà gbọ́ jù. Wọ́sáàpù dára láti fi sọ pé lẹ́tà ti wà nílẹ̀, kò dára láti fi rọ́pò lẹ́tà.

Nígbà mìíràn olùkọ́ yóò fèsì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré: `Noted`. Ẹ má jó o. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti rí i, kò sọ pé ó ti gbà. Kí a dá a lóhùn ní gbólóhùn kan pé, “Mo dúpẹ́, ṣé kí n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ní Ọjọ́rú, aago 12?” Títí yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, gbèdéke ọjọ́ Ẹtì ṣì dúró, kí a sì fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ wa ránṣẹ́ kí aago 4 tó lù.

Ohun kan wà tí lẹ́tà yìí kò lè ṣe. Olùkọ́ tó ń bójú tó prójẹ́ẹ̀tì lè sún gbèdéke tí òun fúnra rẹ̀ dá. Ọjọ́ tí olùyẹ̀wò láti ìta ń bọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ láti sún, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí èsì ń lọ sí Sẹ́néètì. Ẹni tí kò bá bá ìyẹn mu lè wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, kí òun ṣì máa san owó yàrá. Nítorí náà, bí àìsàn bá gùn débi pé yóò kan ọjọ́ ìgbèjà prójẹ́ẹ̀tì, kí a fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka nípasẹ̀ olùkọ́ náà, kí a sì ka ìwé òfin ilé-ìwé wa láti mọ ẹni tó ní àṣẹ. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde láàárín wa mọ̀ pé ìrora lè dé nígbàkigbà. Àwa gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni kí irú wọn ti kọ lẹ́tà, nígbà tí ara le, kí ọ̀rọ̀ má baà jọ àwáwí ní ọjọ́ tí ìrora bá dé.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn olóyè ẹgbẹ́ ni kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: ta ni ó ní àṣẹ láti fún aláìsàn ní àfikún ọjọ́, ọjọ́ mélòó ni ó lè fún un, irú ìwé wo ni wọ́n sì ń gbà? Kí wọ́n lẹ ìdáhùn náà mọ́ pátákó ẹgbẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ara ń ro kò yẹ kó tún máa wá òfin kiri. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣe èyí tí lẹ́tà kò ní lè ṣàlàyé. Àṣẹ.